Wọ́n wo bùbú àdìrẹ mi, wọn ò rà á: kí ni kí ìpolówó tó ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn máa sọ?

Aláṣọ Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ajé, 7:40 àárọ̀

Ẹ kú òwúrọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bùbú àdìrẹ ni mò ń tà lórí sáìtì, ₦34,000 ni ọ̀kan, láti Mọ́kọ́lá ni mo sì ti ń fi ránṣẹ́. Láàárín ọjọ́ 30 tó kọjá, nǹkan bí èèyàn 900 ló ṣí ojú-ìwé bùbú náà wò, àwọn tó rà ò pé 12. Mo wá ń san ₦2,000 lójúmọ́ lórí Fesibúùkù àti Instagíráàmù, kí ìpolówó lè máa tọ àwọn tó wò tí wọn ò rà lẹ́yìn. Ohun tí fídíò yẹn ń sọ ni: "Ẹ gbàgbé nǹkan o! Bùbú yín ṣì ń dúró dè yín. Ẹ padà wá rà á kó tó tán." Ọjọ́ 14 ni mo fi ṣe é, ₦28,000 ti lọ, bùbú méjì péré ni mo rí tà níbẹ̀. Èrè orí ọ̀kan ò ju ₦9,000 lọ. Àwọn kan tún ń kọ ọ́ sábẹ́ ìpolówó pé àwọn ti ra tàwọn tipẹ́. Irú ọ̀rọ̀ wo gan-an ló yẹ kí n máa sọ fún wọn?

Ọmọ Gbágì · 8:05 àárọ̀

Àǹtí, ẹ̀dínwó ni. Ẹ sọ pé "15% ti wọlẹ̀, ó parí lọ́jọ́ Àìkú," kí ẹ sì fi aago tó ń kà sẹ́yìn sí i. Sítóòfù gáàsì ni èmi ń tà, bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ tún lọ fa ọjọ́ tí ẹ fi ń tọ̀ wọ́n gùn títí dé 180, ibẹ̀ ni Fesibúùkù gbà wá láyè dé. Ojú tó bá ń rí nǹkan lójoojúmọ́ ò ní pẹ́ rà á.

Adékọ̀wé · 8:52 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ mà, ajé á wọgbá o. Kí a tó kọ ọ̀rọ̀ kankan, mo fẹ́ mọ nǹkan méjì.

Èkíní, níbo ni àwọn tó rà á ti ń sanwó? Ṣé orí sáìtì ni, àbí ẹ máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí Wásáàpù kí wọ́n tó fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín?

Èkejì, ẹ lọ ṣí ìjíròrò Wásáàpù yín ti oṣù kan sẹ́yìn, ẹ mú bíi 40 sí 50 nínú àwọn tó béèrè nípa bùbú yìí, kí ẹ kọ ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bi yín sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an ni kí ẹ kọ ọ́, ẹ má tún un ṣe. Ohun tó lé àwọn 900 lọ ò lè ṣàjèjì sí ohun tí àwọn tó láyà láti béèrè bi yín. Ẹni tó wò tó sì lọ ní ìbéèrè kan lọ́kàn, kò kàn rẹ́ni dá a lóhùn ni. Ìdáhùn yẹn ni fídíò yín máa jẹ́.

"Ẹ gbàgbé nǹkan" ò bá wọn mu, mà. Wọn ò gbàgbé. Wọ́n wò ó, nǹkan kan dá wọn dúró.

Bàbá Èlùbọ́ Bódìjà · 9:30 àárọ̀

Irú èyí ṣe mí rí. Àwọn èèyàn á kó èlùbọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á dé ibi ìsanwó, báǹkì á yọ owó wọn, sáìtì mi á sì ní òun ò rí i. Wọ́n á bínú lọ. Ìpolówó tí mo wá ń fi tọ̀ wọ́n lẹ́yìn ni "Ẹ fara balẹ̀, owó yín ò sọnù, ẹ pè wá." Ó bá wọn lára mu gan-an. Ẹ gbìyànjú ẹ̀, ìyá.

Adékọ̀wé · 9:48 àárọ̀

Bàbá, ẹ ṣeun sà. Ọ̀rọ̀ yẹn dára fún àwọn tiyín, torí pé wọ́n ti gbà láti rà á, ìsanwó ló dá wọn dúró. Àwọn tí ìyá ń sọ ò tíì fọwọ́ kan apẹ̀rẹ̀ rárá, wọ́n wo aṣọ lásán ni. Tí ẹ bá ní kí wọ́n fara balẹ̀ nípa owó, wọ́n á máa rò ó pé owó wo. Àwùjọ méjì ni, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan náà máa lọ bá wọn. Nínú `Ads Manager`, níbi tí a ti ń ṣètò ìpolówó, `InitiateCheckout`, àmì ẹni tó dé ibi ìsanwó, ni tiyín; `ViewContent`, àmì ẹni tó wo ọjà lásán, ni ti ìyá.

Aláṣọ Mọ́kọ́lá · 2:15 ọ̀sán

Mo ti kà á o. Ìjíròrò 46 ni mo rí. Mo jókòó tì í títí oúnjẹ mi fi tutù.

Àwọn 19 ló kọ́kọ́ bi mí bóyá àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣí. Ẹnì kan kọ ọ́ báyìí: "Èyí tí mo rà lọ́dún tó kọjá, ó ba gbogbo aṣọ funfun mi jẹ́." Àwọn 12 béèrè ìwọ̀n, púpọ̀ nínú wọn ló ń sọ pé "mo sanra díẹ̀ o, ṣé ó máa gbà mí?" Àwọn 8 fẹ́ mọ iye tí wọ́n máa fi gbé e dé Èkó tàbí Abẹ́òkúta, àti bóyá wọ́n lè sanwó nígbà tó bá dé ọwọ́ wọn. Ẹni mẹ́rin péré ló ní kí n bá àwọn dín in kù. Àwọn mẹ́ta tó kù, ìkíni lásán ni.

Ní ti ìsanwó, Wásáàpù ni gbogbo wọn, àfi ẹnì kan. Wọ́n á tẹ bọ́tìnnì Wásáàpù lójú-ìwé aṣọ, a máa sọ̀rọ̀, wọ́n á fi owó ránṣẹ́.

Adékọ̀wé · 3:20 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe lónìí yìí ló ṣòro jù nínú gbogbo ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti àwọn tó ń sọ pé àwọn ti rà á, torí pé bí a ò bá tún ìyẹn ṣe, kò sí ọ̀rọ̀ tó máa dára lẹ́nu ìpolówó yẹn. Orí sáìtì nìkan ni píkísẹ́lì Fesibúùkù, kóòdù kékeré tó ń ṣọ́ ohun tí èèyàn ń ṣe níbẹ̀, ti ń ríran. Ó rí i pé Àǹtí kan ṣí ojú-ìwé bùbú. Lẹ́yìn náà Àǹtí yẹn bọ́ sí Wásáàpù, ó fi ₦34,000 ránṣẹ́, aṣọ dé ọwọ́ rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ lọ síbi ìkómọ. Lójú píkísẹ́lì, ẹni tó wò tí kò rà ni títí di òní. Ẹ ti ní kí wọ́n yọ àwọn tó rà kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹnì kankan nínú àpò yẹn, nítorí `Purchase`, àmì ẹni tó sanwó, ò tíì dún lórí sáìtì yín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Owó yín ń lọ sórí àwọn oníbàárà tó ti sanwó fún yín, ẹ sì ń sọ fún wọn pé wọ́n gbàgbé nǹkan.

Nǹkan méjì lẹ máa ṣe. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì Wásáàpù fi àmì sílẹ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò lára àwọn tí ìpolówó ń tọ̀. Ẹni tó ti dé Wásáàpù yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò nílò ìpolówó mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kó nọ́ńbà fóònù àwọn tó ti rà, kí 234 wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbé e sókè bí `Customer list`, kí ẹ sì fi í sí abẹ́ `Exclude`. Kò ní mú gbogbo wọn, torí pé nọ́ńbà tí ẹlòmíràn fi ṣí Fesibúùkù yàtọ̀ sí èyí tó fi ń bá yín sọ̀rọ̀. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ ṣe méjèèjì nìyẹn.

Ẹ wo iye tó wà lábẹ́ `Frequency` fún mi, ẹ jọ̀ọ́.

Oníkóòdù Àgbọ̀wọ́ · 3:41 ọ̀sán

Ti bọ́tìnnì yẹn ò le, mà. Ẹ fún ẹni tó ń bójú tó sáìtì yín ní èyí. Ti òkè máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ojú-ìwé bá ṣí, ti ìsàlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tẹ Wásáàpù. Kó fi nọ́ńbà aṣọ yín rọ́pò `BB-04`, kó sì rí i pé `id` bọ́tìnnì náà bára mu.

```
fbq('track', 'ViewContent', {
  content_ids: ['BB-04'],
  content_type: 'product',
  value: 34000,
  currency: 'NGN'
});

document.getElementById('wasaapu')
  .addEventListener('click', function () {
    fbq('track', 'Contact');
  });
```

Tó bá parí, ẹ ṣí `Test Events`, ẹ fi fóònù yín tẹ bọ́tìnnì náà. Tí `Contact` bá yọjú níbẹ̀, ó ti wọlé nìyẹn. Kó má yà yín lẹ́nu tí iye èèyàn tí Fesibúùkù rí bá kéré sí 900. Láti 2021 ni fóònù iPhone ti ń bi àwọn èèyàn bóyá kí áàpù máa tọ ipasẹ̀ wọn, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń kọ̀.

Àti pé, ẹ kọ ọ́ sójú sáìtì pé ẹ ń lo píkísẹ́lì àti ohun tí ẹ ń fi ṣe. Òfin Ìdáàbòbò Détà Nàìjíríà ti wà láti 2023, ó sì kan nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà tí ẹ fẹ́ gbé sókè yẹn náà.

Aláṣọ Mọ́kọ́lá · 4:10 ìrọ̀lẹ́

`Frequency` 11.4 ló wà níbẹ̀. Kí ni ìyẹn ń sọ?

Adékọ̀wé · 4:26 ìrọ̀lẹ́

Ní ìpíndọ́gba, ẹnì kọ̀ọ̀kan ti rí fídíò yẹn ní bí ìgbà mọ́kànlá láàárín ọjọ́ 14. Àwọn èèyàn tó wà nínú àpò yín kéré, owó tí ẹ ń dà sí i sì pọ̀ jù fún wọn, ló ṣe ń padà sọ́dọ̀ àwọn kan náà. Ẹ gé e sí ₦1,000. Tó bá fi lè kọjá 5 lọ́sẹ̀ méjì, ẹ tún gé e.

Ọmọ Gbágì, mi ò bá ọ jà o, àbúrò. Ní ti sítóòfù, o lè jàre, torí pé irú sítóòfù kan náà wà ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá, iye owó ni oníbàárà fi ń yan ẹni tó máa rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú èèyàn 46, mẹ́rin péré ló bá ìyá dúnàádúrà. 15% lórí ₦34,000, ₦5,100 nìyẹn. Èrè ₦9,000 á di ₦3,900, ẹni tó ń bẹ̀rù pé aṣọ máa ba funfun òun jẹ́ á ṣì máa bẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ti mọ̀ pé ẹ̀dínwó ń bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ò tún ní ra nǹkan ní iye tó yẹ mọ́. Ní ti ọjọ́ 180, ẹni tó ń wá bùbú fún ayẹyẹ, ayẹyẹ náà á ti kọjá, á ti wọ aṣọ mìíràn lọ. Ọjọ́ 14 tó fún aṣọ.

Ọmọ Gbágì · 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ti ọjọ́. Ti ẹ̀dínwó, mi ò tíì gbà. Àwọn mẹ́rin yẹn ló láyà láti sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni owó ń dá dúró tí ojú ò ní jẹ́ kí wọ́n sọ.

Adékọ̀wé · 4:47 ìrọ̀lẹ́

Ó ṣeé ṣe. Mi ò lè bú ọ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí á kọ́kọ́ dáhùn ohun tí wọ́n fẹnu ara wọn sọ.

Ìyàwó Tíṣà · 6:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ẹ dákun. Mo wo bùbú kan lórí ayélujára ní ìparí ọdún tó kọjá, mo fẹ́ rà á fún ìyá ọkọ mi, mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ilé ń lò ni mo fi wò ó. Lọ́jọ́ kejì, ìyá jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ, ìpolówó yọ: "Bùbú tí ẹ wò lánàá ṣì wà o!" Wọ́n bi mí bóyá èmi ni mo wò ó. Ó dùn mí débi pé mi ò rà á lọ́wọ́ ẹni yẹn mọ́, ibòmíràn ni mo lọ.

Ẹ má sọ fún èèyàn pé ẹ rí i.

Adékọ̀wé · 9:15 alẹ́

Ìyàwó Tíṣà, ẹ ṣeun gan-an. Mo fẹ́ kí gbogbo wa mú ọ̀rọ̀ yẹn lọ sílé. Ìpolówó lè mọ̀ pé ẹnì kan wo aṣọ, kò sídìí tí ẹnu rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹ fi aṣọ náà hàn nìkan, ẹni tó wò ó á dá a mọ̀. Ẹni tí kò wò ó, ìpolówó aṣọ lásán ló rí.

Ìyá Aláṣọ, fídíò àkọ́kọ́ rèé. Àwọ̀ ni mo mú, torí pé òun ló pọ̀ jù nínú àwọn 46. Ẹ má pò ó pọ̀ mọ́ ìwọ̀n tàbí owó ọkọ̀. Fídíò ogún ìṣẹ́jú-àáyá ò lè dáhùn ju ìbéèrè kan lọ kó yé èèyàn.

Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́: bùbú yẹn gan-an ló kún ojú fóònù, àwọ̀ àti àrà kan náà tó wà lójú-ìwé. Ẹ má kí ẹnikẹ́ni, ẹ má sọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ kọ ọ́ sórí rẹ̀ gàdàgbà: "Ṣé àdìrẹ yìí máa ń ṣí?"

Lẹ́yìn náà, ọwọ́ yín nínú bẹ́síìnì, ẹ ń fọ̀ ọ́ pẹ̀lú aṣọ funfun kan. Ẹ sọ pé: "Àwọn oníbàárà wa máa ń bi wá. Ẹ wò ó fúnra yín. Kò ṣí rárá." Ẹ fa aṣọ funfun náà yọ, ó mọ́ kedere.

Ìparí: "Ẹ tẹ Wásáàpù, ẹ bi wá ní ohun tó bá kù lọ́kàn yín."

Ẹ wo ìparí yẹn, mi ò ní "ẹ rà á báyìí." Ẹni tó ń ṣiyèméjì ò tíì dé ibi ìrà, ṣùgbọ́n ó lè béèrè. Kí gbogbo ohun tí ẹ bá sọ wà ní kíkọ lójú fídíò pẹ̀lú, torí pé àwọn tó ń wò ó láìṣí ohùn rẹ̀ pọ̀.

Ìyá Aláró · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:50 àárọ̀

Adékọ̀wé ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ọmọ yẹn purọ́ fún àwọn èèyàn. Mo ti ń rẹ aṣọ láti kékeré, ọwọ́ mi ṣì dú. Àdìrẹ tí wọ́n bá fi aró ẹlú gidi rẹ máa sọ omi lára ní ìfọ̀ àkọ́kọ́, kò sí bí a ṣe lè ṣe é. Aró tó lé lórí aṣọ ni, kò tíì wọnú òwú. Èyí tí wọ́n fi aró òyìnbó ṣe, tí wọ́n po kọ́sítíìkì sódà mọ́, tí wọn ò bá ṣàn án dáadáa kí wọ́n tó sá a, òun náà á sọ omi. Tí wọ́n bá ṣàn án títí omi fi mọ́, kò ní dààmú ẹni tó rà á. Ìyẹn ni èèyàn fi ń mọ aláró tó kánjú.

Tí o bá ní "kò ṣí rárá," ẹni tó rà á á fọ̀ ọ́, á rí omi dúdú, á ní ẹ ti tan òun. Ìyà tó jẹ ẹni tó ba aṣọ funfun rẹ̀ jẹ́ yẹn, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló fà á.

Ìwọ ọmọ Mọ́kọ́lá, ta ló ń bá ọ rẹ ẹ́, aró wo ló sì ń lò?

Aláṣọ Mọ́kọ́lá · 7:12 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ mà, mo kúnlẹ̀. Aró òyìnbó ni, mà. Mo fọ ọ̀kan lálẹ́ àná nígbà tí mo ka ti ẹ̀gbọ́n Adékọ̀wé. Omi àkọ́kọ́ dú díẹ̀ lóòótọ́. Èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, ẹ̀kẹta mọ́ kedere. Ẹ̀rù bà mí láti yà á ní fídíò.

Adékọ̀wé · 7:30 àárọ̀

Màmá, mo dọ̀bálẹ̀. Èmi ni mo ṣì í. Mi ò mọ iṣẹ́ aró, mo kàn kọ ohun tí oníbàárà fẹ́ gbọ́.

Ìyá Aláṣọ, omi dúdú yẹn gan-an ni kí ẹ yà. Ẹ da èyí tí mo kọ lálẹ́ àná nù. Èyí ni kí ẹ lò:

Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta: bùbú náà, àti ìbéèrè yẹn lórí rẹ̀, "Ṣé àdìrẹ yìí máa ń ṣí?"

Lẹ́yìn náà, abọ́ funfun mẹ́ta lórí tábìlì, omi ìfọ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú wọn. Ẹ fọwọ́ tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Omi ìfọ̀ àkọ́kọ́ nìyí, aró tó lé lórí ló bọ́. Ìkejì nìyí. Ìkẹta nìyí, ẹ wò ó." Ẹ wá na bùbú tí ẹ fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ ò tíì fọ̀, kí wọ́n rí àwọ̀ méjèèjì.

Ìparí: "Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nígbà mẹ́ta àkọ́kọ́, nínú omi tútù, ẹ sá a síbi òjìji. Ìbéèrè tó bá kù, ẹ tẹ Wásáàpù."

Ẹni tí aṣọ funfun rẹ̀ ti bàjẹ́ rí á gba èyí gbọ́, torí pé ẹ fi ohun tó ń bẹ̀rù hàn án, ẹ sì sọ bó ṣe máa yẹra fún un.

Ọmọ Gbágì · 8:01 àárọ̀

Èyí wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n máa fi sọ ọ́ ni, àbí Gẹ̀ẹ́sì? Àwọn tó ń ra bùbú ₦34,000, wọn kì í ṣe ará Ìbàdàn nìkan.

Adékọ̀wé · 8:10 àárọ̀

Nínú àwọn 46 yẹn, èdè wo ni wọ́n fi kọ ọ́? Òun ni kí ẹ fi dá wọn lóhùn.

Aláṣọ Mọ́kọ́lá · 8:33 àárọ̀

Ó tó ìdajì tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, àwọn ìyókù pò ó mọ́ Yorùbá. Màá fi Yorùbá sọ ọ́, màá kọ Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀ fídíò.

Aláṣọ Mọ́kọ́lá · Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ọjọ́rú, 1:20 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n wá jábọ̀.

A fi `Contact` síbẹ̀, mo gbé nọ́ńbà àwọn oníbàárà sókè, a yọ gbogbo wọn kúrò. Fídíò abọ́ mẹ́ta yẹn ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 14 ní ₦1,000 lójúmọ́, ₦14,000 lápapọ̀. `Frequency` dúró sí 4.3. Ẹnì kan ṣoṣo ló tún kọ ọ́ pé òun ti rà á, nọ́ńbà mìíràn ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Èèyàn mẹ́sàn-án wá sórí Wásáàpù tí wọ́n dárúkọ fídíò náà fúnra wọn. Ẹnì kan ní: "Ẹ̀yin lẹ fi omi dúdú hàn wá, ẹ̀yin ni mo máa rà lọ́wọ́ yín." Mẹ́fà nínú wọn ti sanwó.

Ìbéèrè wọn ti yí padà o. Kò sẹ́ni tó bi mí nípa àwọ̀ mọ́. Ìwọ̀n ni gbogbo wọn ń béèrè báyìí.

Adékọ̀wé · 2:05 ọ̀sán

Inú mi dùn mà! Ìwọ̀n ni fídíò kejì nìyẹn, àwọn fúnra wọn ti sọ ọ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ kan sí i. Ẹ má ka bùbú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí ti ìpolówó. Àwọn tí ẹ ń tọ̀ lẹ́yìn yìí ti fẹ́ràn aṣọ yín tẹ́lẹ̀, àwọn kan nínú wọn á padà wá bí ẹ ò tilẹ̀ san kọ́bọ̀. Nínú `Ads Manager`, ẹni tó bá ra nǹkan láàárín ọjọ́ kan tó rí ìpolówó, bí kò tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á kà á mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé mẹ́ta nínú mẹ́fà ló máa wá fúnra wọn: èrè mẹ́ta tó kù, ₦27,000, ẹ yọ ₦14,000, ó ku ₦13,000. Ó ṣì dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ₦40,000 tí èèyàn máa rò tó bá ka gbogbo rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ pa ìpolówó náà fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kí ẹ má dá ìpolówó tó ń mú àwọn tuntun wá dúró, kí ẹ ka iye tó rà.

Ọmọ Gbágì · 2:30 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, iye yẹn kéré jù láti fi mọ nǹkan kan. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí owó oṣù wọlé ni wọ́n pa á, títà á pọ̀, ẹ ó ní ìpolówó ò wúlò.

Adékọ̀wé · 2:44 ọ̀sán

Òótọ́ lo sọ. Ẹ̀ẹ̀kan ò tó. Kí wọ́n ṣe é ní ìdajì oṣù àkọ́kọ́, kí wọ́n tún ṣe é ní ìdajì kejì oṣù tó tẹ̀lé e, kí wọ́n fi wéra. Síbẹ̀, mi ò lè sọ pé ó máa dájú pẹ̀lú iye yìí.

Aláṣọ Mọ́kọ́lá · 3:18 ọ̀sán

Màá pa á láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, màá máa kọ ọ́ sínú ìwé. Kó tó dìgbà yẹn, mo fẹ́ ya ti ìwọ̀n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Aládùúgbò mi kan gbà láti wọ̀ ọ́, àyà rẹ̀ jẹ́ ínṣì 50, èmi jẹ́ 36, bùbú kan náà ni àwa méjèèjì máa wọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa. Ìyá Aláró, ẹ dákun mà, ṣé ìfọ̀ mẹ́ta yẹn lè mú kó súnkì? Ẹni tó bá béèrè ìwọ̀n á béèrè ìyẹn náà.

Ìyá Aláró · 6:40 ìrọ̀lẹ́

Tó bá jẹ́ òwú, tí wọn ò sì fọ aṣọ náà kí wọ́n tó rán an, ó lè súnkì díẹ̀. Wọn èyí tí o fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí o ò tíì fọ̀, kí o fi téèpù wọn gígùn rẹ̀ àti ibú rẹ̀, kí o wá sọ ohun tí o rí fún mi.